Ìpàkọ́ Tó Ń Ta Lẹ́yìn Gorímápá

Àbúrò mi ọkùnrin kì í jẹ́ kí Sátidé kan kọjá láìgẹrun, gorímápá ló sì fẹ́ràn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ti ìsọ̀ onígẹrun dé, ó fọwọ́ bo ìpàkọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ọrùn mi. Ó ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á.” Mo wò ó. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tò síbẹ̀, wọ́n wà lọ́gbọọgba bí eyín ìyarun. Awọ wa dúdú, nítorí náà ibẹ̀ kò pọ́n. Ṣe ló dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó sì gbóná nígbà tí mo fọwọ́ kàn án.

Ó ní sípírítì tí wọ́n fi nu òun ló fà á. Àwọn ìlà yẹn ni kò jẹ́ kí n gbà. Sípírítì kì í kọ ìlà sára ènìyàn, eyín kílípà ló ń kọ ọ́. Awọ ti bó kí sípírítì tó débẹ̀. Òun kàn fi tirẹ̀ kún un ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bá a lọ. Onígẹrun náà ọmọlúàbí ni, ó sì fẹ́ kí nǹkan iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó da sípírítì sẹ́nu kílípà, ó ṣáná sí i, iná aláwọ̀ búlúù jó lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ ẹ pa, ó sì fẹ́ gbé e lé orí ọmọ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ gbé e lé inú ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé e lé e, ó sì fa ọwọ́ yọ kíá.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu kílípà. Bíléèdì méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń kan orí kì í mira. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀. Irin ń ha irin, ooru sì ń jáde. Bí òróró bá wà láàárín wọn, ooru náà kì í pọ̀. Bó bá gbẹ, tí irun àti ìdọ̀tí orí ènìyàn mẹ́wàá sì ti dí eyín rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbóná tó ohun tó lè jó awọ. Iná tí wọ́n ń ṣá sí i tún ń dá kún ooru yìí. Iná tó jó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kò ṣeé gbára lé láti pa kòkòrò àrùn, bẹ́ẹ̀ ni ó léwu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò sípírítì.

Bíléèdì tó ti kú náà ní ìyà tirẹ̀. Kì í gé irun, ó ń fà á tu ni. Onígẹrun á wá tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, á sì gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ ìjóni ti ń wá nìyí ju ibòmíràn lọ: àkọjá tó pọ̀ jù lójú kan.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tó fẹ́ kí kílípà gé bí abẹ. Wọ́n á tú ìdè ẹnu rẹ̀, wọ́n á sún bíléèdì ẹ̀yìn síwájú títí eyín rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti iwájú dọ́gba. Bó bá fi díẹ̀ ré kọjá, ẹran ara ló ń gé. Ó yẹ kí ojú ṣì lè rí i pé ti ẹ̀yìn fi díẹ̀ rẹlẹ̀.

Onígẹrun náà gbà wá láyè. Ó pa kílípà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun inú rẹ̀ jáde, ó fi sípírítì nu ẹnu rẹ̀, ó sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ láìṣáná. Lẹ́yìn náà ó kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ méjì mẹ́ta sí eyín rẹ̀, ó tàn án fún ìgbà díẹ̀, ó nu èyí tó ṣẹ́ kù. (Òróró ìdáná kò dára níbẹ̀, ó máa ń dì mọ́ irin.) Ó tún gbé e lé ọrùn ọwọ́, ó tutù, kò sì ha á. Orí àbúrò mi ti mọ́, ó sì ti gbẹ, nítorí ilé ló ti fọ̀ ọ́ wá. Onígẹrun fi ọwọ́ kan na awọ ìpàkọ́ díẹ̀, ó jẹ́ kí kílípà máa rìn láìtẹ̀ ẹ́, ó sì ń dáwọ́ dúró láti wò ó bóyá ó ti ń gbóná. Nígbà tó parí, omi tútù ló fi nù ún. Kò sí ìlà kankan lọ́rùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bó bá ti jó yín ná, ẹ ki aṣọ mímọ́ bọ omi tútù, kí ẹ fi lé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má fi sípírítì tàbí lọ́fínńdà sí i. Ẹ fi ìpara tí kò lóòórùn pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má họ ọ́, kí ẹ sì yẹra fún fìlà tó fún títí yóò fi san. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ra àwọn ìpara alágbára tí wọ́n ń tà lọ́jà fún gbogbo àìsàn awọ. Oògùn tó wà nínú púpọ̀ wọn máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjóni kílípà tí kì í ṣe òun. Ìjóni máa ń hàn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni kókó kéékèèké yọ ní ìpàkọ́, irun ni. Irun wa ká kóńkó. Bí wọ́n bá gé e kanlẹ̀, orí rẹ̀ tó mú á padà gún awọ wọlé. Kílípà tó dára jù lọ kò lè dí èyí lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń yọ kókó bẹ́ẹ̀ ní láti jáwọ́ nínú gorímápá, kó máa fi kóòmù nọ́mbà kan gẹrun, èyí tó ń fi nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀. Bó bá ń tẹ kókó náà, tó sì ń gé e kanlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n lè le, kí wọ́n so pọ̀ di òkìtì tí irun kì í hù lórí rẹ̀ mọ́. Dókítà awọ ara ló yẹ kó rí irú rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ojú kan ló ń pá, tó ń yún, tó ń họ funfun, làpálàpá ni ká fura sí. Ti orí sì sábà máa ń gba oògùn tí wọ́n ń gbé mì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún jókòó sórí àga onígẹrun, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ na ọwọ́ sí i, kí ẹ ní kó gbé kílípà náà lé ọrùn ọwọ́ yín ná.