Tíkẹ́ẹ̀tì Kan, Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Méjì

Púpọ̀ nínú yín ní ọmọ ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń lọ bẹ̀ wò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé ohun kan tí ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé ìyá kan ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ KLM, láti Èkó dé Amsterdam, àti láti ibẹ̀ dé Atlanta. KL ni ó ṣáájú nọ́ńbà ìrìn méjèèjì, ṣùgbọ́n lábẹ́ èkejì a kọ ọ́ pé, “Operated by Delta Air Lines.” Èyí ni pé KLM ni ó ta àyè náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Delta ni yóò gbé e.

Bí ó bá dé Atlanta tí kò sì rí àpótí rẹ̀, ọ̀dọ̀ Delta, tí ó gbé e kẹ́yìn, ni kí ó lọ kí ó tó jáde. Kí ó fi ìwé pélébé tí a fún un nígbà tí ó fi ẹrù lélẹ̀ ní Èkó hàn wọ́n, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí pé ó ti fi ọ̀ràn náà sùn.

Bí wọ́n bá ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 fún un láàyè láti kọ̀wé sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Bí ẹrù bá bàjẹ́, kí ó kọ̀wé láàrin ọjọ́ 7 tí ó gbà á. Bí ó bá pẹ́ dé, láàrin ọjọ́ 21 tí a fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó. Bí ọjọ́ wọ̀nyí bá sì kọjá láìsí ìwé, kò ní ẹjọ́ mọ́.