Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Òfin Ń Bi Làílọ́ọ̀nù Ṣíńṣín Léèrè ní Amẹ́ríkà

Ṣé o mọ̀ pé epo tí a fi dín ṣíńṣín, tí kò sí nínú abọ́ rárá nígbà tí a ń pò ó, lè ṣíwájú ṣúgà lára lébẹ́ẹ̀lì? Ní Amẹ́ríkà, òfin tí àjọ FDA ń mójú tó sọ pé kí a to orúkọ ohun gbogbo tó wọ inú oúnjẹ láti orí èyí tó wúwo jù lọ títí dé èyí tó fúyẹ́ jù lọ. Òfin náà kò béèrè èyí tó wọ́n jù, kò sì béèrè èyí tí a kọ́kọ́ dà sínú abọ́. Ìwọ̀n lórí òṣùwọ̀n ló ń béèrè.

Ká sọ pé ìyá kan ní Húsítìn fẹ́ máa dín ṣíńṣín fún àwọn ilé ìtajà oúnjẹ Áfíríkà tó wà níbẹ̀. Fúláwà rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1,000, ṣúgà 250, bọ́tà tí kò níyọ̀ 200, mílíìkì inú agolo 150, ẹyin 100, iyọ̀ 5, nọ́tímẹ́ẹ̀gì 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,710. Bó bá wo abọ́ yìí nìkan, fúláwà ni yóò kọ ṣíwájú, ṣúgà yóò tẹ̀ lé e, bọ́tà yóò sì ṣe ìkẹta. Ṣùgbọ́n epo ti wọ inú ṣíńṣín náà, oníbàárà yóò sì jẹ ẹ́, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà lára lébẹ́ẹ̀lì ní ipò tó tọ́ sí i.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á wọn ìyẹ̀fun tí wọ́n pò kí wọ́n tó dín in, wọ́n á wọn ṣíńṣín lẹ́yìn tí wọ́n bá dín in tán, wọ́n á sì ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni epo. Ká ní ṣíńṣín ìyá yìí jáde ní gíráàmù 1,800. Èèyàn á rò pé epo 90 péré ló wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí epo ti ń wọlé ni omi ń di ooru, tó ń jáde lọ. Epo gan-an ni kó wọ̀n: kó wọn ìkòkò tòun ti epo kó tó dáná, kó tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá tutù, kó sì ka èyí tó kán sínú asẹ́ mọ́ èyí tó ṣẹ́ kù. Bí gíráàmù 300 bá dín, 300 náà ló wà nínú ṣíńṣín, omi 210 ló sì ti lọ. Epo wá di ìkejì lábẹ́ fúláwà, ó ti fo ṣúgà.

Mílíìkì náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Omi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti bá ooru lọ, síbẹ̀ ipò 150 tó fi wọlé ló ṣì wà, nítorí ìwọ̀n ìgbà tí a dà á sínú abọ́ ni wọ́n ń kà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ohun kéékèèké lè bọ́ lọ́wọ́ ètò yìí? Ohunkóhun tí kò bá ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lè kóra jọ sí ìparí bó ṣe wu olówò, bó bá ti kọ ọ́ ṣáájú wọn pé ìkọ̀ọ̀kan kò ju ìdá 2 lọ. Àpapọ̀ gbogbo ohun tó wọ inú ṣíńṣín yìí, pẹ̀lú epo, jẹ́ 2,010, ìdá 2 rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 40. Iyọ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì wà lára wọn. Ẹyin kò sí níbẹ̀.

Fúláwà kì í ṣe orúkọ kan ṣoṣo bí a ti rò. Èyí tí wọ́n fi èròjà kún ní Amẹ́ríkà ní náyásìn, áyọ́ọ̀nù, táyámìn, ráíbófíláfìn àti fólíìkì ásíìdì nínú, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ fúláwà. Àwọn oníbàárà kan máa ń bẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá rí wọn, wọ́n á ní kẹ́míkà ni ìyá náà dà sí i. Fítámìn àti irin tó ti wà nínú àpò fúláwà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ̀ ọ́ ni. Ìyá náà kò sì gbọdọ̀ gbàgbé láti dárúkọ àlìkámà, mílíìkì àti ẹyin kedere, nítorí àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹlòmíràn lè ti ṣúgà sísàlẹ̀ láì dín adùn kù? Ká ní ìyá yìí yọ 100 kúrò nínú ṣúgà 250, tó fi oyin 100 dípò rẹ̀. Ṣúgà wá di 150, bọ́tà 200 ti ṣíwájú rẹ̀, oyin sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òfin gbà á, nítorí orúkọ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Mi ò fẹ́ràn àrà yìí tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ dá a, àmọ́ ibì kan wà tí kò ti ṣeé fi pa mọ́. Nínú tábìlì èròjà oúnjẹ, ìlà kan wà fún ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, tí àjọ FDA fi òfin ọdún 2016 mú wọlé. Ṣúgà inú oyin náà ń wọ ìlà yẹn nígbà tí a bá fi oyin pò oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí adùn ti pọ̀ tó, ìlà yẹn ni kó wò, kó má wo ipò orúkọ.

Ìwọ̀n kejì ni ti ohun tó wà nínú làílọ́ọ̀nù gan-an. Ṣé o mọ̀ pé òfin kò fi ibi tí a óò kọ ọ́ sí àti bí lẹ́tà rẹ̀ yóò ti tóbi tó sílẹ̀ fún olówò? Ìsàlẹ̀ iwájú làílọ́ọ̀nù ló ń gbé, láàárín ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tó kángun sísàlẹ̀. Bí iwájú náà bá fẹ̀ ní ìǹṣì 5, tó ga ní ìǹṣì 8, ó jẹ́ ìǹṣì 40 lóròó àti ní ìbú, lẹ́tà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ìdá 3 nínú 16 ìǹṣì kan. Áúnsì àti gíráàmù ni wọn yóò fi kọ ọ́: áúnsì 12, gíráàmù 340. Làílọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò náà. Olówò kò sì lè fi ọ̀rọ̀ ìpọ́nlé bíi "áúnsì ńláńlá" bu iyì kún un.

Ohun kan ṣàjèjì síbẹ̀. Nínú agolo tí a ń tẹ̀ kí kírímù lè tú jáde, afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde wà lára ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ìwọ̀n kẹta ni ti ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan, òun ló sì ń pinnu ọ̀rọ̀ ìyìn tí èèyàn lè kọ síwájú oúnjẹ. Fún ṣíńṣín, gíráàmù 30 ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ pé sódíọ̀mù rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ rí i pé kò ju mílígíráàmù 140 lọ. Nítorí pé 30 kéré, òfin tún ní kó wò ó lórí gíráàmù 50, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìjẹ bíńtín bo ohun tó pọ̀. Tìyá yìí jẹ́ bíi 38 nínú 30, àti bíi 63 nínú 50. Ó yege.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Epo 300, ọ̀rá bíi 160 láti inú bọ́tà, àti bíi 20 láti inú mílíìkì àti ẹyin, jẹ́ 480 nínú 1,800. Nínú gíráàmù 50, ọ̀rá náà ju 13 lọ díẹ̀, 13 sì ni ààlà. Bó bá ti kọjá a, ẹni tó yin oúnjẹ rẹ̀ nítorí sódíọ̀mù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyìn náà pé kí oníbàárà lọ wo ọ̀rá inú tábìlì. Bọ́tà náà ń fa irú ìkìlọ̀ kan náà nítorí ọ̀rá tó máa ń dì, tí ààlà tirẹ̀ jẹ́ 4.

Ká ní ó wá yan án dípò kó dín in ńkọ́? Epo 300 ti kúrò, ìwọ̀n rẹ̀ di 1,500, ọ̀rá inú rẹ̀ di 180. Nínú ìjẹ kan, ó ti já láti 8 sí 3.6. Ó lè kọ ọ́ pé ọ̀rá rẹ̀ dín kù, nítorí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin béèrè, tirẹ̀ sì ju ìdá 50 lọ, bó bá ti sọ ohun tó fi wé àti iye tó fi dín. Àmọ́ kò lè kọ ọ́ pé ọ̀rá rẹ̀ kéré, nítorí 3 ni ààlà fún ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ "dín kù" àti "kéré" ní ọjà, ibẹ̀ ló wà: àkọ́kọ́ ń fi oúnjẹ wé òmíràn, èkejì ń fi í wé nọ́ńbà.

Ṣé o mọ̀ pé epo pupa, tí kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù kankan gẹ́gẹ́ bí gbogbo epo tó ti ara igi wá, kò lè fi ìyẹn yangàn níwájú ìgò ní Amẹ́ríkà? Ọ̀rá tó máa ń dì nínú ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ ju gíráàmù 6 lọ, 2 péré sì ni òfin gbà fún ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Tábìlì ẹ̀yìn ìgò lè kọ òdo. Iwájú ìgò kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìyìn. Mo rò pé òfin yìí dára, nítorí èèyàn tó bá rí ìyìn yẹn lè rò pé epo náà kò ní ohun tó yẹ kí ẹni tó ní àìsàn ọkàn ṣọ́ra fún.

Epo tí a ń fín sínú páànù ṣe òdìkejì rẹ̀. Ìjẹ kan rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gíráàmù, ohun tí kò tó ààbọ̀ gíráàmù ọ̀rá sì lè kọ òdo. Epo ni látòkè délẹ̀, òdo ni ọ̀rá rẹ̀ lórí lébẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá fín in títí kó tó dúró ti jẹ ìjẹ púpọ̀.

Èyí tó yẹ kí àwọn olówò kéékèèké wa mọ̀ jù ni pé òfin dá ọ̀pọ̀ wọn sí: ẹni tí ọjà rẹ̀ kò pọ̀ lè má ṣe tábìlì èròjà rárá. Orúkọ àwọn ohun tó wà nínú oúnjẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, tábìlì nìkan ni. Ní ọjọ́ tó bá kọ ọ́ síwájú làílọ́ọ̀nù pé sódíọ̀mù rẹ̀ kéré, tàbí pé ọ̀rá rẹ̀ dín kù, ìdásí náà ti parí lórí oúnjẹ yẹn. Bí o kò bá tíì ṣetán láti san owó àyẹ̀wò, jọ̀wọ́ má kọ ìyìn kankan síwájú ṣíńṣín rẹ, sì wọn epo rẹ kí o tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì.