Ìgbín Inú Ìgò: Bí A Ṣe Ń To Àwíjàre Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó fẹ́ gbẹnu sọ fún ẹni tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nínú ìgbẹ́jọ́ ìdánrawò lè fi ẹjọ́ May Donoghue kọ́ṣẹ́. Ní 1928, nílùú Paisley ní Skọ́tlándì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ra ohun mímu alátalẹ̀ fún un. Ó ní òkú ìgbín tó ti jẹrà wà nínú ìgò náà, ó sì kó àìsàn bá òun.

Kókó ọ̀rọ̀ ni kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ sọ: ṣé ó di dandan kí Stevenson, tó ṣe ohun mímu náà, ṣọ́ra nítorí ẹni tí kò bá a dòwò? Kó má ṣe jà lórí ìgbín. Àwọn adájọ́ mú un bí ẹni pé òótọ́ ni. Òfin nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà ni ìdí: “Olúwa mi, ìgò náà dúdú, wọ́n sì dé e pa. Kò sẹ́ni tó lè rí inú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mu ún.”

Adájọ́ yóò bi í pé: níbo ni irú ẹ̀bi yìí yóò parí sí? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, torí wọ́n ń ní gbogbo aláìbìkítà ló gbọ́dọ̀ sanwó. Kó pa ààlà: ọjà tó dé ọwọ́ ẹni tó lò ó bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, láìsí àyè àyẹ̀wò láàárín. Ní 1932, adájọ́ 3 nínú 5 fara mọ́ Donoghue lórí irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Kó má tíì tọrọ owó. Kó ní kí wọ́n yí ìdájọ́ ìsàlẹ̀ padà, kí oníbàárà òun lè lọ fi ẹ̀rí ìgbín náà hàn.