Iná Sólà Méjì, Ẹ̀rí Oríṣi Méjì

Ará Kika tó ní kí ẹbí òun ní Ìlọrin bá òun wo iná sólà lórí Jumia lè bá méjì tí owó wọn sún mọ́ra. Ká pe ọ̀kan ní Àkọ́kọ́, ká pe èkejì ní Ìkejì. 200W ni páálí àwọn méjèèjì ń pariwo.

Ká ní ìràwọ̀ Àkọ́kọ́ jẹ́ 4.8, tí Ìkejì jẹ́ 4.2. Ojú á kọ́kọ́ lọ sí Àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: “Ó dára gan-an!”, “Ó mọ́lẹ̀ rokoṣo!” Ọ̀sẹ̀ tí ọjà dé ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ kọ ọ́. Wọn ò purọ́ o, àmọ́ bátìrì tuntun kò ní ṣàì tàn. Ẹ̀yìn oṣù bíi mélòó kan tó ti ń tán pátá lálaalẹ́ ni àìsàn rẹ̀ máa ń yọjú.

Lábẹ́ Ìkejì, ẹnì kan kọ̀wé lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ: nígbà ẹ̀rùn, ó ń tàn mọ́jú; nígbà òjò, ó ń kú ní nǹkan bí aago kan òru; tí eruku ọyẹ́ bá bo páánẹ́lì, àfi kéèyàn nù ún. Ẹni yìí bu ọjà náà kù, síbẹ̀ ẹ̀rí tirẹ̀ ni mo gbà, torí ojú ọjọ́ tiwa ló ń sọ: ní Kika, òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó gbà á.

Ẹlòmíì tú Ìkejì wò, ó sì kọ ohun tó wà lára bátìrì rẹ̀: 3.2V, 10000mAh. 10000mAh jẹ́ 10Ah; ẹ sọ 3.2 di ìlọ́po mẹ́wàá, ó di 32Wh. Tó bá jẹ́ 200W ló ń jẹ lóòótọ́, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò fi kú. Bó ṣe wá ń tàn mọ́jú nígbà ẹ̀rùn, irọ́ ni páálí ń pa, ti Àkọ́kọ́ náà sì lè rí bẹ́ẹ̀; kò kàn sẹ́ni tó tú u wò fún wa ni.

Mo tún ń wo “Verified Purchase”, àmì pé orí ìkànnì yẹn lẹni náà ti rà á. Kò fi hàn pé ọjà náà tọ́jọ́, olùtajà sì lè fowó ra ọjà ara rẹ̀. Mo ń wo déètì tí wọ́n kọ̀wé pẹ̀lú, torí wọ́n lè pààrọ̀ bátìrì inú páálí kan náà láìsọ fẹ́nikẹ́ni; ìyìn ọdún méjì sẹ́yìn lè jẹ́ ti ọjà mìíràn.

Ìkejì ni èmi yóò rà. Bí mẹ́ta nínú àwọn tó kọ̀wé gbẹ̀yìn bá fẹnu kò sórí àléébù kan náà, bíi kí omi máa wọlé sí i, mo fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ti ẹni tó ń bínú pé ọjà pẹ́ dé kò kan bátìrì.

Ẹ̀yin tí tiyín ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye wákàtí tó ń tàn báyìí.