Adápítọ̀ Kan, Iṣẹ́ Mẹ́ta: Ẹ̀rọ Géèmù Òkè-Òkun àti Iná Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ni adápítọ̀. Ohun kékeré tí ó ń jẹ́ kí pulọ́ọ̀gì òkè-òkun wọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa, adápítọ̀ ni. Ẹ̀rọ wúwo tí ó ń dín fólítì iná kù, adápítọ̀ náà ni. Àpótí dúdú tí ó so mọ́ wáyà ẹ̀rọ géèmù ńkọ́? Adápítọ̀ ni. Bí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ géèmù dé láti Amẹ́ríkà bá lọ béèrè adápítọ̀ ní ìsọ̀ kan ní Mowe, ní Ìbàfò tàbí ní Ifọ̀, ó lè jẹ́ èyí tí ó kéré jù, tí owó rẹ̀ sì fúyẹ́ jù, ni a ó nà sí i. Yóò wọ ihò dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìrísí pulọ́ọ̀gì àti iye fólítì. Ní Nàìjíríà, 230 fólítì ni iná ilé. Pulọ́ọ̀gì tí ó wọ́pọ̀ ní eyín mẹ́ta onígun mẹ́rin, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin ìṣẹ̀dá rẹ̀ lélẹ̀ ní 1947. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí a rà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń bá ilé wa mu ní ìrísí àti ní fólítì. Ní Amẹ́ríkà, 120 fólítì ni iná ilé, eyín pẹlẹbẹ sì ni pulọ́ọ̀gì wọn ní. Ní Japáànù, 100 fólítì ni. Ìrísí pulọ́ọ̀gì jẹ́ ohun tí ojú rí, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé ó yàtọ̀. Fólítì ni ojú kò rí. Ẹni tí ó bá ti yanjú èyí tí ojú rí a máa rò pé òun ti yanjú gbogbo rẹ̀.

Ara àpótí tí ń pèsè iná fún ẹ̀rọ ni a ti ń mọ òtítọ́. Àkọlé kan wà níbẹ̀ tí ó ní ìlà méjì. Ìlà tí a kọ "INPUT" sí ń sọ iná tí àpótí náà lè gbà láti ara ògiri. Ìlà tí a kọ "OUTPUT" sí ń sọ iná tí ó ń fún ẹ̀rọ. Ìlà àkọ́kọ́ ni a ń wá. Bí ó bá ka 100–240V, gbogbo ayé ni a ṣe é fún. Báyìí ni àpótí iná Níńtẹ́ńdò Súwíìṣì rí, báyìí náà ni Pilésitéṣọ̀n 5, tí àpótí tirẹ̀ wà nínú ikùn ẹ̀rọ náà. Fún irú wọn, ìrísí pulọ́ọ̀gì nìkan ni ìṣòro. Wáyà Pilésitéṣọ̀n 5 ṣe é yọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, a sì lè fi wáyà olówó pọ́ọ́kú tí ó ní pulọ́ọ̀gì eyín mẹ́ta rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú Ẹ́kísìbọ́ọ̀sì 360 tí a rà ní Amẹ́ríkà, irú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2005. Ohun tí a kọ sí ara àpótí iná rẹ̀ ni 100–127V. Ká sọ pé ẹni tí ó ni ín fi ohun kékeré yẹn bọ ihò ògiri ní Mowe. Iná ilé kì í dúró lójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀ bí ìgbì omi, iye tí a sì ń pè ní fólítì rẹ̀ kì í ṣe góńgó ìgbì náà. Láti mọ góńgó rẹ̀, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.41:

120 × 1.41 ≈ 170
230 × 1.41 ≈ 325

Góńgó yìí ni àpótí náà ń tọ́jú sínú kapásítọ̀, ohun róbótó bí agolo kékeré tí ó ń gba iná pamọ́. Kapásítọ̀ tí a sábà ń lò nínú àpótí tí a ṣe fún 120 fólítì nìkan kì í gbà ju nǹkan bí 200 fólítì lọ. Nígbà tí 325 bá já lù ú, ó lè bẹ́. Ẹni tí ó wà nítòsí yóò gbọ́ ìró kan, yóò gbóòórùn ohun tí ó jó, fíúsì yóò sì já. Iná kékeré tí ó máa ń tàn lára àpótí náà kò ní tàn mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àpótí nìkan ni ó kú. Ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ lè wà láàyè. Kí a má tètè sọ ọ́ nù.

Tiransifómà tí ó ń sọ 220 di 110 ni ohun tí ó yẹ kí a fi sí àárín. Agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ ń béèrè. Àpótí Ẹ́kísìbọ́ọ̀sì 360 àkọ́kọ́ ń fún ẹ̀rọ ní 203 wáàtì, iná tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà sì ju èyí lọ, nítorí apá kan ń di ooru. Tiransifómà 500 wáàtì yóò gbé e láìlàágùn. Àwọn sitebiláísà mìíràn ní ihò 110 fólítì lẹ́yìn. Kí a yẹ wáàtì tí a kọ sí wọn wò kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń lo áyọ́ọ̀nù kò dára fún un rárá, nítorí gígé ni ó ń gé ìgbì iná.

Ìdíwọ̀n kan ṣì kù. Tiransifómà yìí ń dá iná sí méjì ni, kò mọ̀ bóyá iná ògiri kéré tàbí ó pọ̀. Bí iná bá wà ní 230, 115 ni yóò jáde, ó sì dára. Bí iná bá rẹlẹ̀ dé 180, 90 ni yóò jáde, ẹ̀rọ lè máa kú kí ó sì máa jí. Bí ó bá ga dé 260, 130 ni, ó ti kọjá 127 tí àkọlé fi àyè gbà. Níbi tí iná kò bá ti dúró déédéé, sitebiláísà ni ó yẹ kí ó ṣáájú tiransifómà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ru ẹrù méjì yìí lè ra àpótí Ẹ́kísìbọ́ọ̀sì 360 tí a ṣe fún 200–240V, kí wáàtì rẹ̀ má sì dín sí ti àkọ́kọ́.

Gbogbo èyí ni adápítọ̀ bò mọ́lẹ̀. Fún àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀, orúkọ mẹ́ta ni ó yẹ. Kí èyí tí ó ń tún ìrísí pulọ́ọ̀gì ṣe máa jẹ́ *abáhòmu*, nítorí ihò nìkan ni ó ń bá mu. Kí tiransifómà tí ó ń dín fólítì máa jẹ́ *adínfólítìkù*. Kí àpótí tí ó ń bọ́ ẹ̀rọ máa jẹ́ *apèsè-iná*. A kò ní láti lé adápítọ̀ kúrò lẹ́nu ọmọ aráyé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ, níbi tí ọ̀rọ̀ kan lè jó ohun olówó gọbọi, kò yẹ kí ó dá nìkan dúró. Ẹni tí ó bá ka abáhòmu yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ fólítì ṣì wà nílẹ̀.