Lẹ́tà Kánsù Nínú Fọ́tò: Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Ń Kà?

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ọdún 2024, fọ́tò kan gbéra láti Pẹ́kíámù ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sì balẹ̀ sínú fóònù ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn. Lẹ́tà kánsù ni. Ìyá ọmọ náà tẹ́ ìwé ọ̀hún sórí tábìlì, ó yà á, ó wá fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀lé e lórí Wásáàpù: “Fúnmi, bá mi wo ohun tí àwọn ará ibí ń sọ. Àbí wọ́n tún ti fowó kún owó ni?” Fúnmi wò ó fìrí, ó fèsì: “Ẹ má dààmú, Mọ́mì. Wọ́n kàn ń rán yín létí owó oṣù yìí ni.”

Kò sí irọ́ nínú èsì yẹn. Síbẹ̀, bí Ìyá Fúnmi bá fi í rọrí sùn, ó lè ná an ní £410.

Àpẹẹrẹ lásán ni Ìyá Fúnmi o. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àwa la sì yan iye owó ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó dè é kì í ṣe àlọ́, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ń kọjá láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti ilé lójoojúmọ́.

Owó tí à ń wí yìí ni àwọn ará wa níbẹ̀ ń pè ní kánsù táàsì. Láti oṣù kẹrin ọdún 1993 ló ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n rẹ̀. Iye tí ilé náà ìbá tà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1991 ni wọ́n fi pín ilé sí ìpele mẹ́jọ, tilé tuntun ti àtijọ́. Ilé tí Ìyá Fúnmi háyà wà ní ìpele tí owó rẹ̀ jẹ́ £1,680 lọ́dún. Nítorí pé òun nìkan ni àgbàlagbà inú ilé náà, òfin yọ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kúrò, ó wá ku £1,260. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni yóò san án, £126 ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kẹrin títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó san ti oṣù kẹrin, ó san ti oṣù karùn-ún. Owó ìsìnkú tó fi ránṣẹ́ sílé ló gbé ti oṣù kẹfà lọ.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, bí a bá tú u pátá láìfo gbólóhùn kankan, kò ju báyìí lọ: “A kò tí ì rí £126 tó yẹ kí ẹ san ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà. Ẹ san án láàárín ọjọ́ méje sí ọjọ́ tí a kọ ìwé yìí. Bí ẹ kò bá san án, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ àtimáa san díẹ̀díẹ̀ mọ́. Gbogbo £1,008 tó kù fún ọdún yìí ni ẹ ó san pọ̀. Bí ìyẹn náà kò bá wọlé, a lè mú ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, owó ẹjọ́ yóò sì wà lórí yín.”

Gbólóhùn kẹta gan-an ni Fúnmi fò dá. Àkọlé ìwé ló tàn án jẹ. Wọ́n kọ “rìmáíńdà” gàdàgbà sókè, ìránnilétí sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ sọ. Ní ilé níbí, ìránnilétí lè dé lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹni tó jẹ gbèsè tó gbójú sókè. Nínú òfin kánsù táàsì ti ọdún 1992, ìkìlọ̀ tó lọ́jọ́ nínú ni. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, gbèsè oṣù kan ti fẹ́ di gbèsè ọdún kan, kánsù kò sì nílò adájọ́ kankan kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ tó bá inú lẹ́tà náà mu ni “ìkìlọ̀ àkọ́kọ́.”

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjọ́ méje. Níbo ni a ti ń kà á? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà á láti ọjọ́ tí lẹ́tà wọlé, àwọn mìíràn láti ọjọ́ tí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Òfin kò mọ ìyẹn. Ọjọ́ tí kánsù fi ìwé náà síta ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́tà Ìyá Fúnmi jáde ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́, ni ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ti wọlẹ̀ nìyẹn ká tó ya fọ́tò. Ọjọ́ keje bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún. Tí Fúnmi bá ní kí ìyá òun dúró de owó iṣẹ́ tó ń bọ̀ ní ìparí oṣù, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Ibẹ̀ ni fọ́tò ti ń ṣe ìpalára tí ojú kì í rí. Èyí tí ìyá náà kọ́kọ́ yà kò ju àárín ìwé lọ, níbi tí wọ́n kọ £126 sí. Déètì wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bò ó. Nọ́ńbà àkáǹtì, tí a kò lè sanwó láìsí i, wà lókè náà. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí, lẹ́tà wínníwínní, kò sì sẹ́ni tó ya ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun túmọ̀ lẹ́tà, kó na ìwé náà gbalaja lójú ìmọ́lẹ̀, kó ya iwájú, kó ya ẹ̀yìn, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn nínú fọ́tò. Kó sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo. Gbàgede Wásáàpù ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ibi tí à ń ju àdírẹ́sì àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹni sí.

Ká ní kò sẹ́ni tó san £126 náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kan mìíràn ni òfin fún un, lẹ́yìn náà £1,008 ti di gbèsè kan ṣoṣo. Kánsù lè wá tọ kóòtù àwọn májísíréètì lọ, kí wọ́n fi sámọ́nsì ránṣẹ́, ìyẹn ìwé ìpè sílé ẹjọ́. Ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó kéré tán, láàárín ìgbà tí ìwé ìpè dé àti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Owó ẹjọ́ kì í dọ́gba láti kánsù kan sí èkejì. Ẹ jẹ́ ká fi £100 ṣe ìṣirò tiwa.

Ẹ má fojú inú wo ìgbẹ́jọ́ tí wọn yóò ti gbọ́ tẹnu ìyá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ ni kánsù máa ń gbé wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ilé ẹjọ́ ń wò kò pọ̀: ṣé wọ́n fi owó náà lélẹ̀ bó ti yẹ, ṣé wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tọ́, ṣé kò tí ì san án? “Mi ò lówó” kì í ṣe ìdáhùn níbẹ̀. “Mi ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀” náà kì í ṣe é. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ṣírò owó òun ṣì, ọ̀dọ̀ kánsù ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ní kíkọ, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ìdíyelé ilé. Májísíréètì kò ní bá a dá sí i.

Bí ilé ẹjọ́ bá ti fún kánsù ní àṣẹ ìgbowó, wọ́n lè máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ tàbí nínú àwọn owó ìrànwọ́ kan tí ìjọba ń san. Wọ́n sì lè gbé e lé àwọn béélìfù lọ́wọ́. Òfin ọdún 2014 ló fi iye tí béélìfù ń gbà lélẹ̀, iye yẹn náà ni wọ́n ń gbà lọ́dún tí à ń sọ yìí: £75 bí fáìlì bá ṣe dọ́wọ́ wọn, £235 sí i bí wọ́n bá wá sílé. Ẹ bá mi rò ó. £1,008 pẹ̀lú £100 owó ẹjọ́, pẹ̀lú £75, pẹ̀lú £235, ó di £1,418. Òtítọ́ ni pé £1,008 inú rẹ̀ kì í ṣe ìyà, owó tí ìyá náà ìbá san kọ́dún tó parí ni. Ìyókù, £410, ló ṣòfò, ó sì ju owó oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹ̀rù béélìfù máa ń ju agbára wọn lọ ṣá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé ọlọ́jọ́ méje ránṣẹ́. Nítorí gbèsè kánsù, wọn kò lè já ilẹ̀kùn wọlé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá. Ilẹ̀kùn tí a kò ṣí, ìta rẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀wọ̀n wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè tó oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ṣe ni ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, tàbí pé ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀bi fi jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́ kò sí lára àwọn yẹn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Fúnmi tún fọ́tò náà wò. Ó rí àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ níbi tó yẹ kí déètì wà, ara rẹ̀ bù máṣọ. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un yà, tẹ̀yìn tiwájú.” Nígbà tó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó pe ìyá rẹ̀: “Mo ṣì í sọ lánàá o. Kò gbọdọ̀ kọjá Sátidé. Ẹ má tẹ̀ lé nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Èyí tó wà lára bíìlì oṣù kẹrin ni kẹ́ ẹ pè.”

Ìyá náà pè é. Ó béèrè ohun méjì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa san owó òun títí dé oṣù kẹta dípò oṣù kìn-ín-ní, nítorí òfin gbà kí ènìyàn béèrè pé kí wọ́n pín in sí oṣù méjìlá. Ó tún béèrè fọ́ọ̀mù ìdínkù owó kánsù, nítorí ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni, ìlànà kan náà ni gbogbo kánsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń tẹ̀ lé fún ẹni tó ti tó gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Ó lè gbé owó náà kúrò lórí ẹlòmíràn pátápátá. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tí a kọ kò dá ọjọ́ dúró. Títí kánsù yóò fi fèsì, bíìlì tó wà lọ́wọ́ ni òfin mọ̀. Ìyá Fúnmi yá £126 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì san án ní Sátidé.

Ìkìlọ̀ méjì péré ni òfin fi sílẹ̀ nínú ọdún kan. Bí ènìyàn bá san lákòókò lẹ́yìn ìkìlọ̀ kejì, tó tún wá jáwọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí rìmáíńdà mọ́, ìwé ìkẹyìn ni wọn yóò fi béèrè gbogbo owó tó kù. Títí di oṣù kẹta ọdún 2025, ẹyọ kan ló kù fún Ìyá Fúnmi.