Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tí ẹ yà, ibo ló wọlé sí?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó jókòó sí Ayétòrò, tó ń fi Remote Desktop Connection ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó wà ní Ìkẹjà. Windows ni méjèèjì ń lò. Iṣẹ́ kọ́ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá sì ní kó fi àwòrán ohun tó hàn ránṣẹ́. Ó tẹ Windows + PrtSc, ó wá àwòrán náà títí nínú kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, kò rí i.

Kò sọnù. Bí fèrèsé Ìkẹjà kò bá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ẹni, kọ̀ǹpútà iwájú ẹni ló ń gbọ́ àṣẹ náà, Ayétòrò sì ni fáìlì wà. Bó bá gba gbogbo rẹ̀, fáìlì lọ sí Ìkẹjà. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn. Ẹ lè yí i padà kí ẹ tó wọlé: Show Options, Local Resources, lẹ́yìn náà Keyboard.

Láti rí fáìlì, ẹ ṣí fódà èyíkéyìí lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tẹ èyí sí ibi àdírẹ́sì rẹ̀ lókè:

```
shell:Screenshots
```

Bó bá jẹ́ Ìkẹjà ló wà, ẹ ṣe Copy níbẹ̀, kí ẹ ṣe Paste níhìn-ín. Bí Paste kò bá ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ pé ọ́fíìsì ti dí ọ̀nà yẹn; ẹ fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì ọ́fíìsì. Bí àṣírí oníbàárà bá wà nínú rẹ̀, ẹ rántí pa ẹ̀dà tó kù rẹ́.